Kí Ọjà Tó Wọnú Kọ̀ǹpútà

Lóṣù kẹta ọdún 2013, iléeṣẹ́ Target, ọ̀kan lára àwọn gbajúmọ̀ aláwọ̀tà l'Amẹ́ríkà, ṣí àwọn ilé ìtajà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Àwọn èèyàn ti ń retí wọn tipẹ́, wọ́n sì ya débẹ̀. Pẹpẹ tó ṣófo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn ilé ìkẹ́rù tí Target kọ́ sí Kánádà kún dẹ́nu nígbà yẹn gan-an, débi pé wọ́n ń háyà ibòmíì láti kó ọjà sí. Ọjà wà nílẹ̀, àmọ́ kò dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ rà á.

Nígbà tó fi máa di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, Target kéde pé òun ń kó kúrò ní Kánádà. Gbogbo ilé ìtajà 133 ni wọ́n tì, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 17,000.

Ìwé ìròyìn Canadian Business tú ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní lọ́dún 2016. Ìdí tí nǹkan fi dàrú pọ̀, àmọ́ ọ̀kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbé ilé ìkẹ́rù rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mọ̀ dáadáa. Nǹkan bí irú ọjà 75,000 ni wọ́n ní láti kọ sínú ètò tuntun náà, pẹ̀lú ìkánjú, ọ̀dọ́ tí kò tíì nírìírí sì ni púpọ̀ lára àwọn tó ń kọ ọ́. Ìwọ̀n tó yẹ kí wọ́n kọ ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n kọ ọ́ ní ínǹṣì. Ibi tó yẹ kí fífẹ̀ wà, gígùn ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá yẹ àkọsílẹ̀ náà wò, nǹkan bí 30 nínú 100 ló tọ̀nà. Ní ilé ìkẹ́rù wọn l'Amẹ́ríkà, 98 tàbí 99 nínú 100 ló máa ń tọ̀nà.

Ẹ wo ohun tí àṣìṣe kékeré bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Bí páálí kan bá fẹ̀ tó ínǹṣì 20, sẹ̀ǹtímítà 50 ó lé díẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ 20 síbi tí kọ̀ǹpútà ti ń retí sẹ̀ǹtímítà, kọ̀ǹpútà yóò gbà pé páálí náà ò tó ìdajì bó ṣe rí. Yóò ní kí wọ́n kó páálí méjì síbi tí ẹyọ kan ò ti ní gbà, yóò sì ní ọkọ̀ kan tó fún ẹrù ọkọ̀ méjì. Ẹni tó gbé páálí lọ́wọ́ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé irọ́ ni. Yóò gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò lọ gbé òmíràn, ẹgbẹ́ kan yẹn ló sì ń ga sí i lójoojúmọ́.

SAP ni ètò tí Target lò, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá káàkiri ayé ló sì ń lò ó láìsí wàhálà. Nítorí náà, owó tí èèyàn fi ra sọ́fítíwíà kò lè gbà á lọ́wọ́ àkọsílẹ̀ tí kò bá ohun tó wà nílẹ̀ mu.

Kí wá ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ṣe gan-an? Sọ́fítíwíà ìṣirò owó tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ní máa ń sọ iye ọjà tó kù. Yóò ní páálí wàrà 40 ló wà. Kò mọ̀ pé 25 wà lẹ́nu ọ̀nà, pé 15 tó kù wà lókè lẹ́yìn ọṣẹ, tàbí pé mẹ́wàá nínú wọn yóò bàjẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ètò ìṣàkóso ilé ìkẹ́rù ló máa ń mọ̀yẹn. Gbogbo ibi tí ọjà lè jókòó sí ló ní orúkọ tirẹ̀, irú ọjà kọ̀ọ̀kan ní báákóòdù, kò sì sí ọjà tó gbọ́dọ̀ kúrò níbi kan lọ síbòmíì láìjẹ́ pé ẹni tó gbé e fi sikánà yà á. Nígbà tí oníbàárà bá béèrè wàrà, kọ̀ǹpútà yóò darí òṣìṣẹ́ síbi tí èyí tó máa kọ́kọ́ bàjẹ́ wà, kí ó lè jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ jáde.

Oníṣòwò tí sítọ́kípà rẹ̀ kan ṣoṣo mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà lè má tíì nílò rẹ̀. Ọjọ́ tí sítọ́kípà yẹn bá lọ sìnkú nílé, tí ọkọ̀ mẹ́ta ń dúró láti gbẹ́rù, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ohunkóhun wà, ni ọ̀gá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé èwo ni wọ́n ń lò.

Ká ní Alhájà kan wà n'Íbàdàn tó ti dé orí kókó yẹn. Ọjà prófíṣàn ló ń pín. Sítọ́ọ̀ rẹ̀ ńlá wà lágbègbè Olúyọ̀lé, irú ọjà 900 ló wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 12, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń ná Ògbómọ̀ṣọ́, Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí. Ó pe àwọn mẹ́ta tó ń ta sọ́fítíwíà pé kí wọ́n wá fi ọjà wọn hàn.

Ohun tí àwọn ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe ni pé wọn á gbé ọjà àfiṣàpẹẹrẹ tiwọn wá, tí gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Nínú ayé yẹn, oníbàárà kan kì í dá ọjà padà, omi kì í wọ páálí. Alhájà tó bá gbọ́n á ti kó ìwé tirẹ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó dé: òódà mẹ́wàá tó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, kó sì rí i pé àwọn tó nira wà nínú wọn. Oníbàárà kan fẹ́ páálí méjì àti róòlù márùn-ún. Ọkọ̀ kan dé, wéébíìlì rẹ̀ ní páálí 50, 47 ni wọ́n kà. Òmíràn dá ọjà padà, ìdajì rẹ̀ ti bàjẹ́. Sikánà wà lọ́wọ́, iṣẹ́ ń lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ.

Sítọ́kípà ni kó mú sikánà lọ́wọ́. Kì í ṣe ọ̀gá, kì í sì í ṣe ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà jù nínú ọ́fíìsì. Níbẹ̀ ni òótọ́ ti máa ń jáde. Bí ọlọ́jà bá ní, “Ẹ má ṣèyọnu, mà, ó máa ṣe é,” tí sítọ́kípà sì fèsì pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí i,” ohun mẹ́ta ló lè tẹ̀lé e. Ó lè ṣe é níṣojú wọn. Ó lè ní àwọn ní láti tún un tò díẹ̀. Tàbí kó ní àwọn máa kọ ọ́ tuntun fún un. Ẹ̀kẹta yìí ni kí Alhájà ṣọ́ra fún, torí ohun tí wọ́n bá kọ tuntun fún ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń pẹ́ jù, òun ló máa ń gbówó jù, òun ló sì kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́ nígbà tí sọ́fítíwíà bá yí padà. Ohun tí wọn ò bá fi hàn lọ́jọ́ yẹn, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí.

Ìbéèrè nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbùlà lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn ètò kan wà tó jẹ́ pé bí ìsokọ́ra bá já, sikánà á kàn máa wo èèyàn. Àwọn mìíràn á tọ́jú ohun tí wọ́n yà sínú, wọn á fi ránṣẹ́ nígbà tó bá padà dé. Kí wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kí wọ́n sì wo èwo nìyẹn. Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè títí ó fi ń bọ́ ni pé, bí Alhájà bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn lọ́dún mẹ́ta sí i, ṣé yóò lè kó gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ? Ní ti owó, wọ́n sábà máa ń ka iye òṣìṣẹ́ tó ń lò ó lóṣooṣù, nígbà míì ní dọ́là. Owó sikánà, ẹ̀rọ tó ń tẹ lébẹ̀ẹ̀lì, ínfátà àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì yẹ kó bá a lójijì.

Lẹ́yìn tó bá ti yan èyí tó wù ú ni iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ọjà Alhájà wà nínú fáìlì Excel kan tí akọ̀wé mẹ́rin ti fọwọ́ kàn látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé fáìlì yẹn bó ṣe rí sínú ètò tuntun, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á bá a wọlé. Wàrà oníyẹ̀fun kan ṣoṣo lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: ẹnì kan kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, ẹnì kejì fi ìwọ̀n rẹ̀ síwájú orúkọ, ẹnì kẹta ò kọ ìwọ̀n rárá. Lójú kọ̀ǹpútà, ọjà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọjà máa wà lábẹ́ orúkọ kìn-ín-ní, òódà á wọlé lábẹ́ ẹ̀kejì, kọ̀ǹpútà á sì ní kò sí.

Àṣìṣe tó máa ń dá gbèsè sílẹ̀ jù lọ ni ti ohun tí wọ́n fi ń ka ọjà. Ká ní sáṣẹ̀ẹ̀tì wàrà mẹ́wàá ló wà nínú róòlù kan, róòlù 12 sì wà nínú páálí kan. Páálí 40 wà nílẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ kọ 40, àmọ́ níwájú rẹ̀ ó kọ “róòlù”. Róòlù 480 ló wà ní sítọ́ọ̀, 40 péré ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Oníbàárà láti Ṣakí béèrè róòlù 60, ọmọ ọ́fíìsì sì ní ọjà ò tó, ó ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Tó bá sì jẹ́ òdìkejì ló ṣẹlẹ̀, tí róòlù 40 nílẹ̀ di páálí 40 lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á gbowó ọjà tí kò sí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọjà kọ̀ọ̀kan ní ohun kan ṣoṣo tó kéré jù tí wọ́n fi ń kà á, kí wọ́n wá kọ iye rẹ̀ tó wà nínú èyí tó tóbi. Fún wàrà Alhájà, bí kì í bá ta sáṣẹ̀ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, róòlù ni ìpìlẹ̀, páálí sì jẹ́ 12.

Kò sí ẹni tó lè jókòó sí ọ́fíìsì tún èyí ṣe. Àfi kí ẹni méjì mú téèpù, ìwọ̀n kílò àti ìwé lọ́wọ́, kí wọ́n lọ sí sítọ́ọ̀, kí wọ́n já páálí kan nínú irú ọjà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kà á, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì ya báákóòdù rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti rí i pé báákóòdù ara páálí yàtọ̀ sí ti ara ẹyọ, méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ wọlé, kí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ọjà kan náà ni, pé ọ̀kan jẹ́ 12 èkejì. Róòlù lè má ní báákóòdù rárá, Alhájà ló máa tẹ tirẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí irú ọjà 200 tó ń tà jù. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò rà láti ọdún méjì, kó tà á ní gbàǹjo, kó má ṣe wọ ètò tuntun rárá.

Excel fúnra rẹ̀ ní ọ̀fìn tirẹ̀. Báákóòdù ara ẹyọ sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà 13, ti àwọn ọjà tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 615. Bí akọ̀wé ò bá ti kọ́kọ́ sọ fún Excel pé ọ̀rọ̀ ni òpó yẹn, kì í ṣe iye, ohun tó máa fi hàn án ni:

```
6.15E+12
```

Bí wọ́n bá tọ́jú fáìlì bẹ́ẹ̀ ní CSV láti gbé e sínú ètò tuntun, nọ́ńbà tó kù ti lọ nìyẹn, gbogbo ọjà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní báákóòdù kan náà. Nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo máa ń pàdánù òdo yẹn bákan náà. Déètì ló wá burú jù, torí kì í hàn. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni 03/04 lọ́dọ̀ wa. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò bí ti Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Wàrà tó ṣì dára á di èyí tó ti bàjẹ́, èyí tó ti bàjẹ́ á sì jáde lọ bá oníbàárà. Kí wọ́n kọ ọdún síwájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ wá gbẹ̀yìn: 2026-04-03. Kò sẹ́ni tó máa ṣì í kà.

Ó wá ku orúkọ ibi tí ọjà ń jókòó. Lébẹ̀ẹ̀lì bíi `A-03-2-05` túmọ̀ sí ìlà A, apá kẹta, pẹpẹ kejì, ààyè karùn-ún. Ilẹ̀ tí wọ́n ń to àpò ìrẹsì sí gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, abẹ́ àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó ọjà sí kìkì nígbà ọdún náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀yìn yìí mú Hershey wá sọ́kàn, iléeṣẹ́ ṣokoléètì l'Amẹ́ríkà. Ó ná nǹkan bí mílíọ̀nù 112 dọ́là sórí ètò kọ̀ǹpútà tuntun, oṣù kẹrin ọdún 1999 ni wọ́n sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Iṣẹ́ fà, wọ́n wá tan gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù keje. Àsìkò yẹn gan-an ni òódà Halloween ń wọlé, ayẹyẹ ìparí oṣù kẹwàá tí àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń gba súìtì láti ojúlé dé ojúlé. Ohun tí ìròyìn ìgbà náà sọ ni pé lára ọjà wà láwọn àfikún àyè tí wọ́n máa ń lò nígbà tí ọjà bá pọ̀, tí kò sì sí nínú ètò tuntun. Ṣokoléètì wà nílẹ̀, kọ̀ǹpútà ò rí i. Òódà tó tó mílíọ̀nù 100 dọ́là ni wọn ò rí gbé jáde, èrè oṣù mẹ́ta náà sì lọ sílẹ̀ ní ìdá 19 nínú 100.

Alhájà mọ ìgbà tí ọjà rẹ̀ máa ń yá. Kó jìnnà sí Ààwẹ̀, Iléyá àti Kérésì, kó sì yan ọ̀sẹ̀ tí ọjà kú. Bí iṣẹ́ bá fà kọjá ọ̀sẹ̀ yẹn, kó sún un sí ìgbà míì tí ọjà tún máa kú, kó má sún un sí oṣù tó tẹ̀ lé e lásán. Hershey ìbá jẹ àǹfààní yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí wọ́n ṣe ìdánrawò kan: kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ sínú ètò náà, kí wọ́n ṣe òódà ọjọ́ kan gbáko lórí rẹ̀ láti ìgbàwọlé títí dé ẹ̀yìn ọkọ̀, kí wọ́n sì kọ wákàtí tó gbà sílẹ̀. Ohun tó gba wákàtí mẹ́sàn-án nígbà ìdánrawò kò ní gba mẹ́rin lọ́jọ́ gidi.

Lọ́jọ́ gidi náà, ọkọ̀ tó kẹ́yìn jáde ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjà kankan kò gbọ́dọ̀ jáde tàbí wọlé. Bí ọkọ̀ kan bá ṣì dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó dúró níta, tàbí kí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síbi tí wọ́n fi téèpù pupa yí ká, kí ẹnikẹ́ni má kà á. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kíkà. Ẹni méjì méjì ló ń kà á, ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn kò sì gbọ́dọ̀ ní iye tí kọ̀ǹpútà rò pé ó wà, torí ẹni tó bá ti rí 40 lórí ìwé á ka 40. Ẹgbẹ́ kejì á tún un kà. Ibi tí iye wọn ò bá ti dọ́gba, ẹgbẹ́ kẹta á lọ wò ó.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n á gbé e wọlé. Lọ́sàn-án, kí Alhájà fúnra rẹ̀ fọwọ́ mú ààyè 50 lórí kọ̀ǹpútà láìyàn, kó lọ wò wọ́n. Kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀: kó mú ààyè 50 tó rí ní sítọ́ọ̀, kó wò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà méjèèjì ló ṣe pàtàkì, torí ọ̀nà kìn-ín-ní kò lè fi ọjà tí wọ́n gbàgbé láti kà hàn. Bí ó bá ti ju méjì lọ tí kò bára mu nínú 50 kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìwé àtijọ́ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n sì wá ìdí rẹ̀. Kí wọ́n ti fẹnu kò sórí iye yẹn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ti rẹ gbogbo èèyàn, ohun gbogbo ló sì máa jọ ohun tó dára.

Àwọn kan máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí wọ́n lo ìwé àtijọ́ àti ètò tuntun pa pọ̀ fún oṣù kan. Ìyẹn lè dára fún ìṣirò owó. Ní sítọ́ọ̀, nígbà tí awakọ̀ ń fun fèrè níta, òṣìṣẹ́ á kọ ọ̀kan, á fi ìkejì sílẹ̀ di ìgbà tó bá ráyè. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò ní sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Kí ìwé wà nílẹ̀ fún ọjọ́ tí iná bá lọ pátápátá, kí wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó lọ sílé. Kí wọ́n tún dín òódà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kù sí nǹkan bí ìdajì, kí ẹni tó ta sọ́fítíwíà sì wà ní sítọ́ọ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí fóònù.

Ibi mẹ́ta ni kí Alhájà máa wò lọ́sẹ̀ náà. Àkọ́kọ́ ni ẹnu ọ̀nà: bí kọ̀ǹpútà bá ń fi hàn pé ọjà tó wọlé lánàá ṣì wà níbi ìgbàwọlé, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì mọ́, ẹnì kan ti gbé e lọ láìyà á. Ìkejì ni ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá darí òṣìṣẹ́ sí ààyè kan tí kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n sì wá ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìkẹta ni àpò sítọ́kípà. Bí ìwé kékeré tó máa ń kọ nǹkan sí bá ti padà síbẹ̀, ó ti rí ohun kan tí ètò náà ò lè ṣe, àǹfààní ni yóò sì jẹ́ bí wọ́n bá fi sùúrù bi í léèrè dípò kí wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Canadian Business ròyìn pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Target ń pa ìpèsè aládàáṣe fún àwọn ọjà tó ti tán, kí iye tí wọ́n fi ń dá wọn lẹ́jọ́ lè dára lójú ọ̀gá. Ẹni tí ìyà máa jẹ torí òótọ́ kò ní sọ ọ́.

Lójoojúmọ́, kí ẹnì kan ka ààyè 20 tàbí 30, kí ó yí gbogbo sítọ́ọ̀ ká láàárín oṣù kan tàbí méjì, kí sítọ́ọ̀ má baà ní láti tì nítorí kíkà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kí owó tó kẹ́yìn tí Alhájà máa san fún ọlọ́jà sì dúró títí kíkà oṣù àkọ́kọ́ bá fi bá ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà mu, kí wọ́n sì kọ ìyẹn sínú ìwé àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.